Ibo Lowó Náà Gbà Lọ? Bí A Ṣe Ń Ka Bálánsì Ṣíìtì Kí A Tó Ra Ìpín Ilé-iṣẹ́

Ilé-iṣẹ́ lè kéde èrè lọ́dún mẹ́ta léraléra, kó sì má lè san owó oṣù lọ́dún kẹrin. Èrè wà nínú ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó kò sí lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní òwò tiyín mọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀: ẹ ta ọjà láwìn, ẹ kọ èrè rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó rà á kò sì tíì mú owó wá. Bálánsì ṣíìtì ló máa ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn kó tó di wàhálà. A ó ka ti ilé-iṣẹ́ kan níbí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo la ó sì máa bi í: láti ọdún tó kọjá sí ọdún yìí, ibo lowó gbà lọ?

Apá mẹ́ta tí ìwé náà ní

Apá kìíní ni dúkìá, ìyẹn gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ní àti owó tí àwọn ẹlòmíì jẹ ẹ́. Apá kejì ni gbèsè, ohun tí òun náà jẹ àwọn ẹlòmíì. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ àwọn onípìn-ín: ohun tó máa ṣẹ́kù bí a bá yọ gbogbo gbèsè kúrò nínú dúkìá. Nítorí náà, dúkìá gbọ́dọ̀ bá àròpọ̀ gbèsè àti ẹ̀tọ́ onípìn-ín dọ́gba nígbà gbogbo. Ẹ má ka ìdọ́gba yẹn sí ẹ̀rí pé ara ilé-iṣẹ́ dá ṣáṣá. Ìwé ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wó lọ́la náà máa dọ́gba lónìí.

Wọ́n tún máa ń pín dúkìá àti gbèsè sí méjì. Èyí tó máa di owó, tàbí tó yẹ ká san, láàárín oṣù 12 ni ti ìgbà kúkúrú. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ni ti ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń to ti ọlọ́jọ́ pípẹ́ sókè, àwọn mìíràn á fi owó ọwọ́ ṣáájú. Bí ẹ bá bá a lódìkejì sí èyí tí ẹ ti rí tẹ́lẹ̀, kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ẹ wo orí ìwé kí ẹ tó wo nọ́ńbà

Ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bálánsì ṣíìtì dà bí fọ́tò: ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ló ń sọ. Bí ọjọ́ náà bá ti tó oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, owó ọwọ́ tí ẹ ń wò níbẹ̀ lè ti tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ka owó. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sókè pé ẹgbẹ̀rún tàbí mílíọ̀nù ni wọ́n fi kà á. Ẹni tó bá fo ìlà yìí lè ka mílíọ̀nù 20 sí ẹgbẹ̀rún 20. Nọ́ńbà tó bá wà nínú àkámọ́ túmọ̀ sí pé ẹ yọ ọ́, kì í ṣe pé ẹ rò ó pọ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó bá ní àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké lábẹ́ rẹ̀ máa ń tẹ òpó nọ́ńbà oríṣi méjì: ti gbogbo agbo rẹ̀ lápapọ̀, àti ti ìyá ilé-iṣẹ́ nìkan. Ti àpapọ̀ ni kẹ́ ẹ kà, torí gbèsè tó wúwo lè wà lọ́rùn ọmọ, kí ìwé ìyá sì mọ́ tónítóní. Ẹ má ṣe mú nọ́ńbà kan láti ìhín, kẹ́ ẹ mú èkejì láti ọ̀hún.

Ní ìparí, ẹ wá ojú ìwé tí ayẹ̀wéwò owó ti sọ èrò rẹ̀. Bó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń ṣiyèméjì bóyá ilé-iṣẹ́ náà á lè máa ṣòwò lọ, ìlà yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e lọ.

Ìwé tí a fẹ́ kà

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kan tó ń kan àga àti tábìlì, tó sì ń tà á fún àwọn ṣọ́ọ̀bù láwìn. Àwa la fúnra wa gbé nọ́ńbà wọ̀nyí kalẹ̀ kí ìṣirò rẹ̀ lè rọrùn, ṣùgbọ́n irú ìwé báyìí ló máa ń wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń dàgbà ju agbára rẹ̀ lọ.

| Ní mílíọ̀nù | Ọdún tó kọjá | Ọdún yìí |
|---|---|---|
| Owó ọwọ́ àti owó báńkì | 60 | 20 |
| Owó tí àwọn oníbàárà jẹ | 90 | 180 |
| Ọjà tó wà nílẹ̀ | 100 | 150 |
| Àròpọ̀ dúkìá ìgbà kúkúrú | 250 | 350 |
| Ilé, ẹ̀rọ àti ọkọ̀ | 230 | 250 |
| Owó orúkọ rere | 60 | 60 |
| Àròpọ̀ gbogbo dúkìá | 540 | 660 |
| Owó tí a jẹ àwọn tó ń kó ohun èlò wá | 80 | 130 |
| Gbèsè báńkì tó máa pé láàárín oṣù 12 | 40 | 120 |
| Owó-orí tí a kò tíì san | 10 | 10 |
| Àròpọ̀ gbèsè ìgbà kúkúrú | 130 | 260 |
| Gbèsè báńkì ọlọ́jọ́ pípẹ́ | 150 | 120 |
| Owó ìpín | 100 | 100 |
| Èrè àfipamọ́ | 160 | 180 |
| Àròpọ̀ gbèsè àti ẹ̀tọ́ onípìn-ín | 540 | 660 |

A tún nílò nọ́ńbà díẹ̀ láti inú ìwé èrè àti àdánù. Ọjà tí wọ́n tà jẹ́ mílíọ̀nù 540 lọ́dún tó kọjá, ó sì di 600 lọ́dún yìí. Iye tó ná wọn láti ṣe ọjà náà jẹ́ 375, ó sì di 420. Èrè ọdún yìí jẹ́ 20, wọn kò sì pín nǹkan kan nínú rẹ̀ fún àwọn onípìn-ín. Ìdí nìyẹn tí èrè àfipamọ́ fi kúrò ní 160 tó di 180.

Ẹni tó bá ka ìròyìn nìkan á rí i pé ọjà títà fi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, pé èrè wà, pé dúkìá pọ̀ sí i. Gbogbo rẹ̀ ló dára létí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yọ ọdún kan kúrò nínú èkejì

Ẹ mú bébà, kẹ́ ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Sí apá ọ̀tún, ẹ kọ ibi tí owó wọ̀ sí: gbogbo dúkìá tó pọ̀ sí i àti gbèsè tó dín kù. Sí apá òsì, ẹ kọ ibi tí owó ti wá: gbèsè tó pọ̀ sí i, dúkìá tó dín kù, àti èrè tí wọ́n fi pamọ́.

Nínú ìwé tiwa, owó tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà fi 90 pọ̀ sí i, ọjà tó wà nílẹ̀ fi 50 pọ̀ sí i, ilé àti ẹ̀rọ fi 20. Ìyẹn jẹ́ 160 tó wọlé sínú nǹkan. Ibo ló ti wá? Èrè mú 20 wá. Wọ́n fi 50 kún ohun tí wọ́n jẹ àwọn tó ń kó ohun èlò fún wọn. Gbèsè báńkì fi 80 lọ sókè ní ìgbà kúkúrú, ó sì fi 30 wálẹ̀ ní ọlọ́jọ́ pípẹ́, èyí tó jẹ́ 50 lápapọ̀. Wọ́n sì kó 40 nínú owó ọwọ́. Bí ẹ bá ro 20, 50, 50 àti 40 pọ̀, 160 náà ni.

Bí apá méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ ti fo ìlà kan, tàbí ẹ ti kọ àmì ìyọkúrò ní àmì àròpọ̀. Ẹ padà lọ wò ó kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ìtàn ilé-iṣẹ́ náà ti yàtọ̀ wàyí. Nínú 160 tí wọ́n ná, 20 péré ni òwò wọn pa wọlé. Ìyókù jẹ́ owó olówó àti owó tí wọ́n ti tọ́jú tẹ́lẹ̀. 140 nínú rẹ̀ ló sì wọnú àwìn àti ọjà tí wọn kò tíì tà. Wọn kò fi owó yẹn ra ẹ̀rọ tuntun, wọn kò sì fi ṣí ẹ̀ka tuntun.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọjọ́ mélòó ni àwìn ń pẹ́ níta?

Owó tí àwọn oníbàárà jẹ di ìlọ́po méjì nígbà tí ọjà títà kò fi ju ìdá 11 lọ sókè. Ibi tí a óò dúró sí jù lọ nìyí. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi ọjà tí wọ́n tà lọ́dún pín owó tó wà níta, kẹ́ ẹ sì fi 365 sọ ọ́ di púpọ̀.

```
90 ÷ 540 × 365 = 61
180 ÷ 600 × 365 = 110
```

Lọ́dún tó kọjá, ó ń gbà wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 61 láti rí owó ọjà tí wọ́n tà. Lọ́dún yìí, ó ti di 110. Ohun mẹ́ta ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé àwọn oníbàárà kò rówó san. Ó lè jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ń fún wọn ní àkókò gígùn kí ọjà lè yá, tó fi jẹ́ pé àsìkò ìsanwó ni wọ́n ń tà, kì í ṣe àga. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kó ọjà púpọ̀ jáde ní oṣù tó parí ọdún. Bó bá jẹ́ èyí ni, owó náà kò tíì pẹ́, ó kàn bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò ni.

Láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ẹ ṣí àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan lórí bálánsì ṣíìtì, nọ́ńbà kékeré kan wà tó ń tọ́ka sí ojú àlàyé rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti to gbèsè àwọn oníbàárà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe pẹ́ tó. Ká ní àlàyé náà sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ 185, pé wọ́n ti yọ 5 sílẹ̀ fún èyí tí kò ní padà, tó fi ku 180, àti pé 45 nínú rẹ̀ ti lé ní 90 ọjọ́ kọjá ìgbà tó yẹ kí wọ́n san án.

Ẹ bi ara yín léèrè bí ẹ ṣe máa bi í nínú ṣọ́ọ̀bù tiyín: bí ẹnì kan bá fi oṣù mẹ́ta kọjá ọjọ́ àdéhùn, ẹ̀ẹ̀melòó nínú mẹ́wàá lowó náà máa ń padà? Bí ìdajì 45 bá ṣòfò, 22.5 nìyẹn. Ẹ yọ 5 tí wọ́n ti fi sílẹ̀, ó ku 17.5 tí wọn kò tíì gbà pé àwọn ti pàdánù. Èrè gbogbo ọdún kò ju 20 lọ. Ìlà kan ṣoṣo yìí lè jẹ èrè náà tán pátá, kò sì ní hàn nínú ìròyìn àfi lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá oníbàárà kan ṣoṣo ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè náà. Àlàyé ẹ̀yìn ìwé sábà máa ń sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọjà tó wà nílẹ̀

Ìṣirò kan náà ni, ṣùgbọ́n iye tó náni láti ṣe ọjà la ó fi pín in, kì í ṣe iye tí a tà á. Ìdí ni pé iye tó ná wọn ni wọ́n fi kọ ọjà náà sílẹ̀. 100 sí 375 fún wa ní ọjọ́ 97. 150 sí 420 fún wa ní ọjọ́ 130.

Bí ọjà bá ń pẹ́ nílẹ̀ sí i, ẹ wo irú ọjà tó jẹ́. Pákó àti irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nítorí iṣẹ́ ńlá tó ń bọ̀ kì í ṣe àmì búburú. Àga tí wọ́n ti kàn tán tí kò rí ẹni rà á ló léwu, pàápàá bí irú rẹ̀ bá ti kúrò lójú ọjà. Àlàyé ẹ̀yìn ìwé máa ń pín in sí ohun èlò, èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́, àti èyí tó ti parí. Bó bá jẹ́ pé èyí tó ti parí ló wú, ẹ retí pé wọ́n máa tà á lówó pọ́ọ́kú láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ló lè kan ilẹ̀kùn lọ́la?

Ẹ fi gbèsè ìgbà kúkúrú pín dúkìá ìgbà kúkúrú. Ti ọdún tó kọjá jẹ́ 250 sí 130, tó jẹ́ 1.92. Ti ọdún yìí jẹ́ 350 sí 260, tó jẹ́ 1.35. Ìwé púpọ̀ á sọ fún yín pé bó bá ti lé ní 1, kò sí ìṣòro. A kò gbà bẹ́ẹ̀, torí pé àwìn tó ti pẹ́ àti àga tí kò tà ló pọ̀ nínú 350 yẹn. Ẹ yọ ọjà kúrò, kẹ́ ẹ tún un ṣe: 200 sí 260 jẹ́ 0.77. Lọ́dún tó kọjá, 150 sí 130 jẹ́ 1.15. Owó ọwọ́ gan-an kò sì ju 20 lọ lójú gbèsè 260.

Ẹ wá wo irú gbèsè tó jẹ́. Ká ní àlàyé sọ pé nínú 120 tí wọ́n jẹ báńkì ní ìgbà kúkúrú, 30 jẹ́ ìdá ẹ̀yáwó ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó kan ọdún yìí, 90 sì jẹ́ owó tí báńkì gbà kí wọ́n fà kọjá ohun tó wà nínú àkáǹtì wọn. Lọ́dún tó kọjá, irú èyí kejì kò ju 10 lọ. Báńkì sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà. Owó tó lè lọ lọ́la ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà àwìn tó ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́rin kó tó wọlé. Ibi tí òwò ti máa ń já lulẹ̀ lójijì nìyẹn.

Àwọn tó ń kó pákó wá náà ti ń dúró. 80 sí 375 jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 78. 130 sí 420 jẹ́ 113. Bó bá sú àwọn yẹn, wọ́n lè sọ pé owó ọwọ́ làwọn ń fẹ́ kí àwọn tó já pákó sílẹ̀, iṣẹ́ á sì dúró.

Nǹkan kan wà tí àwọn tuntun kì í mọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá rú àdéhùn tó bá báńkì ṣe, irú bíi pé gbèsè kò gbọ́dọ̀ ju iye báyìí lọ, báńkì lè ní ẹ̀tọ́ láti béèrè gbogbo ẹ̀yáwó náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yáwó ọlọ́jọ́ pípẹ́ á wá fò lọ sí ìgbà kúkúrú. Bí ẹ bá rí gbèsè ńlá tó ṣàdédé ṣí kúrò ní ìsàlẹ̀ bọ́ sókè, àlàyé rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ló kù fún onípìn-ín?

Ẹ̀tọ́ onípìn-ín jẹ́ 280: owó ìpín 100 àti èrè àfipamọ́ 180. Ẹ má ṣe rò pé 180 yẹn wà níbì kan nínú àpótí. Ó ti di àwìn, ó ti di ọjà, ó ti di ẹ̀rọ. Owó ọwọ́ wà lórí ìlà tiẹ̀, 20 sì ni.

Inú 280 náà ni owó orúkọ rere 60 wà. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ra òmíràn ní iye tó ju ti àwọn ohun ìní rẹ̀ lọ, lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbèsè rẹ̀, ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó lè fi san gbèsè. Bí ẹ bá yọ ọ́, ó ku 220. Bí ẹ bá tún yọ 17.5 àwìn tí a ti fura sí, ó ku 202.5. Bí ìpín náà bá jẹ́ mílíọ̀nù 50, ìwé ń sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 5.60, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ lè tẹ̀ kò ju 4.05 lọ. Ẹni tó bá rà á ní 5 nítorí pé ó rí i pé kò tó iye inú ìwé kò tíì ra ọjà pọ́ọ́kú.

Ibi tí kíkà yìí kò gbà dé

Ẹ má ṣe gbé ìwọ̀n yìí lé báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò. Owó tí àwọn èèyàn fi pamọ́ ni gbèsè báńkì, ẹ̀yáwó tó fi síta ni dúkìá rẹ̀, ọ̀nà mìíràn la fi ń ka tiwọn. Ilé ìtajà ńlá tó ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà lójú ẹsẹ̀, tó sì ń san ti àwọn olùpèsè lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, lè wà lábẹ́ 1 lọ́dọọdún láìsí wàhálà. Ẹgbẹ́ ẹni la fi ń wọn ara ẹni: ẹ fi oníàga wé oníàga, kẹ́ ẹ sì gbé ọdún mẹ́ta ó kéré tán síwájú.

Wọ́n sì lè tún ojú ṣe fún fọ́tò. Ilé-iṣẹ́ lè dá owó àwọn olùpèsè dúró lọ́sẹ̀ tó parí ọdún kí owó ọwọ́ lè pọ̀ lórí ìwé, kó sì san án lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi bálánsì ṣíìtì àárín ọdún wé ti òpin ọdún. Bí owó ọwọ́ bá máa ń ga ní òpin ọdún nìkan, tí owó èlé tí wọ́n ń san nínú ìwé èrè àti àdánù sì ga ju ohun tí gbèsè òpin ọdún fi hàn, a jẹ́ pé gbèsè wọn ga láàárín ọdún ju bí fọ́tò ṣe sọ lọ.

Ní ti oníàga yìí, a kò ní ra ìpín rẹ̀ lórí ìwé tó wà nílẹ̀. A ó dúró de ìwé oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀, ìlà mẹ́ta la ó sì kọ́kọ́ wò: bóyá ọjọ́ àwìn ti kúrò ní 110 bọ̀ wá sí apá 60, bóyá 90 tí wọ́n fà kọjá àkáǹtì ti wálẹ̀, àti bóyá wọ́n ti fi kún 5 tí wọ́n yọ sílẹ̀ fún àwìn tí kò ní padà. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó kẹ́yìn yẹn. Bí gbèsè àwọn oníbàárà bá wálẹ̀ torí pé owó wọlé, ó yẹ kí gbèsè báńkì náà wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí owó ọwọ́ pọ̀ sí i. Bó bá wálẹ̀ tí gbèsè báńkì kò mira, tí owó ọwọ́ kò sì pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pípa ni wọ́n pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé.